Iṣẹ́ ti dàrú, kọ̀mítì sì ń dúró: ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ tí mo ń bójú tó ti fìdí rẹmi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa dúró síwájú kọ̀mítì tó ń darí ẹ̀. Mi ò fẹ́ parọ́, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni màá máa bẹ̀ látòkèdélẹ̀. Kí ni màá kọ́kọ́ sọ?

Ìdáhùn: Èyí tó burú jù nínú ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ sọ, àbúrò, kó o sì fi iye tì í lẹ́yìn. Jẹ́ n fi tèmi ṣàlàyé. Iṣẹ́ wa nígbà yẹn ni pé ká gbé káàdì aláìsàn kúrò nínú ìwé sínú tábúlẹ́ẹ̀tì ní ìléewòsàn kéékèèké 12, owó tí wọ́n gbé kalẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 24 náírà. Lẹ́yìn oṣù 10, a ti ná mílíọ̀nù 19 àbọ̀, ìléewòsàn 2 péré ló sì ń lò ó. Síláìdì tí mo kọ́kọ́ ṣe, àwòrán àwọn nọ́ọ̀sì tó ń rẹ́rìn-ín níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ojú ìwé kọkànlá ni 2 nínú 12 yẹn fara pa mọ́ sí, ní lẹ́tà kóńkóló. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní ṣé kí wọ́n má bàa rí i ni àbí kí wọ́n rí i? Mo dojú bolẹ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá. Ní January 2003, fóòmù já lára Columbia, ọkọ̀ tí NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sójú sánmà, nígbà tó ń gbéra, ó sì gbá apá ẹ̀, àwọn ẹnjiníà wá fi síláìdì ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀ fáwọn ọ̀gá. Àkọlé síláìdì yẹn ń fini lọ́kàn balẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé fóòmù tó gbá ọkọ̀ tóbi ju èyí tí wọ́n ti dán wò rí lọ fíìfíì (ìwọ̀n ẹ̀ tó 1920 cubic inches, èyí tí wọ́n dán wò ò sì ju 3 lọ). Nígbà tó di February 1, ọkọ̀ yẹn fọ́ lójú ọ̀run pẹ̀lú èèyàn 7 nínú ẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí sì bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ sínú síláìdì yẹn.

Ohun tí mo wá kọ sójú ìwé àkọ́kọ́ rèé: "Ìléewòsàn 12 la ṣèlérí, 2 ló ń lò ó. A ti ná mílíọ̀nù 19 àbọ̀, ó ku 4 àbọ̀. Lónìí, a fẹ́ kẹ́ ẹ pinnu bóyá ká pa 10 tó kù tì, ká sì fún 2 yìí ní oṣù mẹ́rin sí i." Ó tán. Mo sì lọ rí alága nílé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún bàbá, torí àgbàlagbà kì í fẹ́ kí wọ́n ká irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ mọ́ òun lójú àwọn tó gbówó sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo ní kí wọ́n gbè mí o, kó má bá wọn lójijì ni.

Ní ti ẹ̀bẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tó. Àwa Yorùbá tá a bá ti ń dọ̀bálẹ̀, àwọn àgbà á ní ó ti tó, dìde, Ọlọ́run á ṣe é ní rere, wọ́n á gbàdúrà, mítìnì á parí, kò sẹ́ni tó pinnu nǹkan kan, owó tó kù á sì máa jó lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè: Tẹ́nì kan bá wá ní "ta ló fà á" ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọ́n bi èmi náà. Ohun tó gbà mí ni pé mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ oṣù sí oṣù, pẹ̀lú ohun tá a mọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, torí ohun téèyàn mọ̀ lónìí rọrùn láti fi dá ẹni àná lẹ́jọ́.

Ní oṣù kẹta, mo wo aago tí tábúlẹ́ẹ̀tì máa ń kọ sára káàdì kọ̀ọ̀kan. Ní ìléewòsàn kan, aláìsàn 31 ló wọlé lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn láàárín aago mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àfi bíi pé ìyàwó ni wọ́n jọ ń sìn lọ. Inú ìwé làwọn nọ́ọ̀sì ń kọ gbogbo ẹ̀ sí látàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á wá máa dà á kọ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Wọn ò sì jẹ̀bi, torí inú rẹ́jísítà ìwé ni wọ́n ti ń ṣe àkójọ oṣooṣù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n pa ìwé tì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ta ló máa ṣe é pẹ́?

Mo rí èyí ní oṣù kẹta, mo sì ń kun ripọ́ọ̀tù ní àwọ̀ ewé, bíi pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, títí di oṣù keje. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún kọ̀mítì nìyẹn, mo ní "èmi ni mo kùn ún, mo rò pé wọ́n á mọwọ́ ẹ̀ tó bá yá." Wọn ò tún béèrè ẹlòmíì mọ́. Ká ní mo sọ pé "àwọn nọ́ọ̀sì ò fọwọ́ sowọ́ pọ̀" ni, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ iṣẹ́ níbẹ̀ ì bá já mi ní koro. (Tó bá jẹ́ owó ló pòórá, ọ̀rọ̀ ọ̀dítọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti síláìdì.)

Ìbéèrè: Ẹ̀kọ́ tá a kọ́ àti ohun tó kàn, báwo ni kò ṣe ní dà bí ọ̀rọ̀ ìtùnú?

Ìdáhùn: Wò ó bóyá ó lè dá ẹnì kan dúró lọ́la. "Ó yẹ ká túbọ̀ máa bára wa sọ̀rọ̀" ò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Tiwa ni pé: a ò ní ra tábúlẹ́ẹ̀tì kankan kí lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ tó fàyè gbà wá láti pa ìwé tì tó wà lọ́wọ́ wa. A kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó fún iṣẹ́ tuntun, akọ̀wé ni wọ́n ní kó máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fún un lọ́jọ́ tó gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì péré la gbé lọ. Ẹnì kan nínú wa fẹ́ kó jẹ́ mẹ́rìnlá, mo ní rárá, wọn ò ní rántí ìkankan.

Ohun tó kàn náà, owó ni mo fi sọ ọ́. Nínú mílíọ̀nù 4 àbọ̀ tó kù, 1.2 fún ìparí iṣẹ́ níbi 10 yẹn, ìyẹn kíkó tábúlẹ́ẹ̀tì padà, títẹ káàdì jáde fún ìléewòsàn, àti pípa orúkọ àwọn aláìsàn rẹ́ kúrò níbẹ̀ (èyí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, iṣẹ́ tó kú ṣì ń ná owó). 1.8 fún ìléewòsàn 2 tó kù fún oṣù mẹ́rin. 1.5 padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni owó. Mo wá fi àdéhùn kan sí i: tí lẹ́tà yẹn ò bá dé kí oṣù kẹrin tó pé, a máa ti 2 yẹn náà, mi ò sì tún ní wá bẹ̀bẹ̀ fún àkókò.

Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi jíròrò, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Lẹ́tà ò dé. A tì í. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíì gbé iṣẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì wá fún àwọn tó ń fún ọmọdé lábẹ́rẹ́, akọ̀wé ṣí fọ́ọ̀mù, ó ní "lẹ́tà dà?"