Owó ibodè, iye dọ́là àti ọ̀nà tí iléeṣẹ́ ń gbà wọ ọjà òkèèrè: àkọsílẹ̀ fún àtúnyẹ̀wò ìdánwò

Orí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé okòwò àgbáyé sábà máa ń pín ọ̀rọ̀ yìí sí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣe ń há a sórí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó le nínú ìdánwò kì í dúró sí orí kan. Ohun tó máa ń fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí iléeṣẹ́ kan fi wá kọ́ ibi tí á ti máa ṣe ọjà sí ìlú onílùú, tí òmíràn sì palẹ̀ ẹrù mọ́ níbẹ̀. Kò sí àpẹẹrẹ tó yé ni ju ti Nàìjíríà láàárín 2023 sí 2024 lọ. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ wà nínú ìwé, ẹ kà á níbẹ̀.

Ibodè la ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti 2015 ni Nàìjíríà ti ń lo ìlànà owó ibodè kan náà pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS yòókù. Ìpele márùn-ún ló ní: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọjà bá ṣe ń sún mọ́ ọwọ́ ẹni tó máa lò ó ni owó orí rẹ̀ ń ga sí i. Ohun èlò tí wọn ò tíì fi ṣe nǹkan kan sábà máa ń san 5, èyí tí wọ́n ti ṣe dé ìdajì ń san 10, ọjà tó ti parí ń san 20. Àwọn ọjà tí ìjọba fẹ́ dáàbò bò gan-an ló wà ní 35.

Àlàfo tó wà láàárín àwọn ìpele yìí lágbára ju iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà kọjá láìwò. Ká ní ọjà kan ń lọ ní $100 lágbàáyé, tí ohun èlò tí wọ́n fi ṣe é jẹ́ $60. $40 tó kù ni iye iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ fi kún un. Ẹni tó bá kó èyí tó ti parí wọlé máa san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ọjà náà á di $120. Ẹni tó ń ṣe é nílé máa san ìdá 5 péré lórí ohun èlò, ìyẹn $3, ohun èlò rẹ̀ á di $63. Tó bá ta ọjà tirẹ̀ náà ní $120, $57 ló máa kù sí i lọ́wọ́ dípò $40.

```
(57 − 40) / 40 = 42.5%
```

Ààbò tí ẹni tó ń ṣe ọjà nílé ń rí gbà ju ìlọ́po méjì ìdá 20 tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù lọ. Ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ òkèèrè fi máa ń fo owó ibodè: dípò kó máa kó ọjà tó ti parí wọlé, á wọlé wá ṣe é. Tolaram, iléeṣẹ́ okòwò kan láti Singapore, ń kó Indomie wọ Nàìjíríà láti 1988, nígbà tó sì di àárín àwọn ọdún 1990, òun àtàwọn alájọṣe rẹ̀ láti Indonéṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tí ìjọba sì fi núdùsì sínú àwọn ọjà tí wọn ò gbọ́dọ̀ kó wọlé mọ́, kíkó ọjà wọlé kì í ṣe ọ̀nà kankan mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ tà á.

Títí dé ibí yìí, ìwé ò purọ́. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, pé bí náírà bá já, ọjà òkèèrè á wọ́n, nítorí náà àwọn iléeṣẹ́ á fẹ́ máa ṣe ọjà wọn níbí. Wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò láìyẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó ṣẹlẹ̀ sì takò ó.

Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti sọ. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 fò sókè lọ́jọ́ kan, kò sì dúró. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti ń sún mọ́ ₦1,500. Iye tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò owó ibodè náà gbéra láti ₦422.30 sí ₦589 nínú oṣù yẹn kan náà. Ẹni tó kó ọjà $10,000 wọlé ní ìdá 20 máa ń san ₦844,600 tẹ́lẹ̀, ó wá di ₦1,178,000, bẹ́ẹ̀ ìjọba ò fi ìdá kan ṣoṣo kún owó ibodè. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe sọ, ó yẹ kí ṣíṣe ọjà nílé gbilẹ̀ lásìkò yìí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ 2023, GSK, iléeṣẹ́ oògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé òun á fi ọjà òun sọ́wọ́ alágbàtà. Ní oṣù kejìlá, Procter & Gamble, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ti ń ṣe ọjà ìlò ilé ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kéde pé kíkó wọlé nìkan ni òun á máa ṣe ní Nàìjíríà.

Kí ló fà á? Náírà ni wọ́n ń pa, dọ́là ni wọ́n fi ń ra púpọ̀ nínú ohun èlò. Ìṣírò inú ìwé owó ibodè ń gbára lé e pé $60 ohun èlò yẹn máa dúró síbi tó wà, ó sì dúró ní dọ́là. Ní náírà, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta, owó tó wà lápò ẹni tó ń ra ọṣẹ ò sì di ìlọ́po mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìṣírò ọdọọdún tó ń lọ sí orílé-iṣẹ́ wọn lókèèrè. Ká ní èrè jẹ́ ₦4.7 bílíọ̀nù, $10 mílíọ̀nù ni nígbà tí dọ́là wà ní ₦470. Èrè kan náà, láìdín kọ́bọ̀, kò ju nǹkan bí $3.1 mílíọ̀nù lọ ní ₦1,500.

Ẹni tó kọ́ ilé síbi tí omíyalé ń dé ò rí bí ayálégbé. Nígbà tí omi bá dé, ayálégbé á kó ẹrù, onílé ò lè gbé ògiri rẹ̀ sórí. Ẹ̀rọ àti ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ fi dọ́là rà ti di náírà, bó bá fẹ́ tà wọ́n, náírà náà ló máa gbà. Ẹni tó ń kó ọjà wọlé nípasẹ̀ alágbàtà lè ti gba dọ́là rẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra. Ewu náà ò pa rẹ́ o: alágbàtà ló gbé e, ó sì gbé e lé ẹni tó ń rajà lórí.

Nítorí náà, àwòrán àkàbà tó wà nínú ìwé, láti kíkó ọjà ránṣẹ́ sí fífún ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣe é, dé àjọṣe okòwò, dé iléeṣẹ́ tó jẹ́ tẹni pátápátá, kò tọ́ bí wọ́n bá ń kọ́ ọ bíi pé òkè nìkan ni wọ́n ń gùn ún lọ. Ibi tí ewu owó máa gbé sùn ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fi ń yàtọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn yín látorí ìbéèrè méjì: nínú gbogbo ìnáwó iléeṣẹ́ náà, mélòó ló jẹ́ dọ́là? Bó bá fẹ́ kúrò, kí ló máa lè kó lọ?

Ìlànà owó ibodè ECOWAS gbọ́n, ó sì ní àbùkù kan: nítorí pé ohun èlò ń wọlé ní owó pọ́ọ́kú, ó ń fa iléeṣẹ́ tó kàn ń tò ó pọ̀ mọ́ra ju èyí tó ń wá ohun èlò nílé lọ. Irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni dọ́là kọ́kọ́ máa ń gbá lọ. Àwọn oní-Indomie padà sẹ́yìn lọ ṣe ìyẹ̀fun, epo àti ọ̀rá ìdìjà fúnra wọn, èyí sì dín ohun tí wọ́n ń fi dọ́là rà kù. Ṣùgbọ́n àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ sí ìyẹ̀fun, òkèèrè ni púpọ̀ rẹ̀ ṣì ti ń wá.