Orúkọ líǹkì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró

Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún kọ ìwé ìtọ́ni fún àwọn tó ń ṣe ojú-ewé ayélujára, ó sì pe ọ̀rọ̀ tí à ń tẹ̀ kí ojú-ewé mìíràn tó ṣí ní "ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró". Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìdákọ̀ró kẹ̀? Ohun tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ ojú omi dúró ni ìdákọ̀ró, ọkọ̀ ojú omi kan kò sì gúnlẹ̀ sí Adó-Èkìtì rí. Omi tí àlejò ń wá wò lọ́dọ̀ wa ni ti Ìkọ̀gòsì, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdákọ̀ró ń dá nǹkan dúró lójú kan, líǹkì ń gbé ènìyàn lọ. "Anchor text" ti Òyìnbó ni ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ń wò, kò wo iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe.

Àwọn mìíràn ní "ọ̀rọ̀ ìjápọ̀". Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ bí mo bá ti gbọ́ "já", okùn tó já ló ń wá sí mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ tí líǹkì bá wá bàjẹ́ ńkọ́? A ó ní "ìjápọ̀ yìí ti já"? Líǹkì ni ọmọ iléèwé ń pè é, líǹkì ni ẹni tó ń ta dátà ń pè é, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀ ni mo ń jà lé lórí, orúkọ líǹkì ni mo sì ń pè é, nítorí pé orúkọ gan-an ni ẹ̀rọ mú un sí. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ sáàárín `<a>` àti `</a>` ni bíráòsà ń sọ di orúkọ, òun náà ló sì ń fà lé akàwésétí lọ́wọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún ẹni tí kò ríran.

Akàwésétí náà dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní kí n pè é ní "òǹkàwé ojú". Èmi ò gbà. Ènìyàn ni òǹkàwé, bí ẹ bá sì ní ẹnì kan ń ka ojú, ìwọ̀fà tó ń wojú ọ̀gá rẹ̀ ni mo rí. Etí ni ẹ̀rọ yìí ń kàwé sí. Ó tán.

Ọmọ àbúrò ìyá mi kan kò ríran, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni. NVDA ló ń lò, akàwésétí ọ̀fẹ́ tí Michael Curran, tí òun náà kò ríran, bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2006. Ó wá sílé mi kó lè fi íńtánẹ́ẹ̀tì mi gba fọ́ọ̀mù ilé gbígbé ní iléèwé kan. Kò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú-ewé náà látòkè délẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èmi pẹ̀lú kì í ti í kà á. Ojú ni èmi fi ń sáré wá ohun tí mo fẹ́. Insert pẹ̀lú F7 ló tẹ̀ ní tirẹ̀, gbogbo líǹkì ojú-ewé náà sì tò sínú àpótí kan, orúkọ nìkan, láìsí gbólóhùn tó yí i ká. Ó ń tẹ ọfà ìsàlẹ̀, mo sì ń gbọ́: "Te ibi. Te ibi. Te ibi. Te ibi. Te ibi."

Ó kọjú sí mi: "Bọ̀dá mi, èwo ni ti ilé gbígbé níbẹ̀?"

Èmi tí mo lójú méjèèjì, bí n kò bá wo ojú kọ̀ǹpútà, n kò lè mọ̀ ọ́n. Ó pa àpótí náà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Tab fò láti líǹkì kan bọ́ sórí èkejì. Orúkọ kan náà ni. Ó wá di dandan kó máa padà ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣí ìwé owó iléèwé kó tó kan fọ́ọ̀mù, ọbẹ̀ tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kaná nígbà tó jókòó ti jinná. Wọn ò tilẹ̀ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà. "Tẹ ibí" di "tẹ ibi", bí ẹni tí wọ́n ní kó fẹsẹ̀ tẹ aburú.

Ẹ fi gáréèjì wò ó. Ẹ dì mí lójú, ẹ mú mi dé gáréèjì ní Adó láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá ń pariwo "Ìkẹ́rẹ́! Ìkẹ́rẹ́!", tí òmíràn ń pe "Ìjerò, ó kù ẹnì kan!", tí ẹnì kẹta ń pe Ìkọ̀lé, etí mi yóò mú mi dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń kígbe pé "Ẹ wọlé níbí! Ẹ wọlé níbí!", Ọlọ́run ló mọ ìlú tí n ó ti sọ̀.

Ohun tó wà lójú-ewé náà nìyí, èmi ni mo kàn fi àmì sí i:

```html
Fún fọ́ọ̀mù ilé gbígbé, <a href="ile.pdf">tẹ ibí</a>.
```

Ohun tó yẹ kó wà nìyí:

```html
Ẹ gba <a href="ile.pdf">fọ́ọ̀mù ilé gbígbé, PDF</a>.
```

Ibi tí líǹkì ń lọ ni orúkọ rẹ̀. "Ka síwájú" àwọn ilé ìròyìn kò sàn ju "tẹ ibí" lọ. Àkọlé ìròyìn gan-an ni kí wọ́n sọ di líǹkì. Ẹni tó sì lẹ àdírẹ́sì gbọọrọ mọ́ ojú-ewé láìfún un lórúkọ, kó mọ̀ pé akàwésétí lè máa kà á jálẹ̀, títí kan kólọ́nì àti ìlà gbọọrọ inú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ kóòdù takò mí. Ó ní òfin WCAG, ìlànà àgbáyé tó ń mú kí aláàbọ̀ ara lè lo ojú-ewé ayélujára, kò ní kí orúkọ dá dúró, pé abala 2.4.4 rẹ̀ gbà kí gbólóhùn tó wà lára líǹkì ṣàlàyé rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ìpele A, ìyẹn ìsàlẹ̀ pátápátá, ni 2.4.4. 2.4.9 ló ní kí orúkọ nìkan tó, ìpele AAA, òkè pátápátá, sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú àpótí Insert+F7 kò sí gbólóhùn kankan lára líǹkì. Ẹni tí òfin kò mú, àpótí yóò mú un. Ó tún ní kí a fi "tẹ ibí" sílẹ̀ lójú, kí a fi orúkọ gidi pamọ́ sínú `aria-label`. Lóòótọ́, akàwésétí yóò kà á. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tó ń fi ohùn pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ohun tó rí lójú ló máa pè, kọ̀ǹpútà yóò sì máa wá orúkọ mìíràn. Orúkọ kan ló yẹ líǹkì, lójú àti létí.

Mo kọ lẹ́tà sí iléèwé náà. Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́: "Líǹkì fún fọ́ọ̀mù ilé gbígbé", "Líǹkì fún owó iléèwé", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé ìkarùn-ún. Àbúrò mi fi ọfà ìsàlẹ̀ débẹ̀ lójú-ewé náà, NVDA sì kọ́kọ́ sọ fún un fúnra rẹ̀ pé líǹkì ni, kó tó wá ka "Líǹkì fún". Ó bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá mi, wọ́n mà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì!" Nínú àpótí, bí ènìyàn bá tẹ F, ó yẹ kó bọ́ sórí fọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ni àpótí ń fi wá a. Gbogbo orúkọ márààrún ló ti wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú L. Mo ti ń kọ lẹ́tà kejì.