Àìrí èsì kò sọ pé iṣẹ́ kò ṣe: ohun tó ń sọ àtẹ̀jáde kan di méjì

Ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù tó máa ń gbé àtẹ̀jáde síta fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a ti yàn. Wọ́n gbà pé bí ètò bá fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ sí sáfà, tó dúró títí tí kò gbọ́ nǹkan kan, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò ṣe nìyẹn, kí ó kàn tún un rán. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ọ̀fìn wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí sáfà bá ń falẹ̀ ni àwọn òǹkàwé máa ń rí ìkéde kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́, tí ọmọ ò tètè padà, kò lè tìtorí ìyẹn sọ pé ọmọ ò débẹ̀. Ó lè má tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó sì lè ti jíṣẹ́ tán, kó jẹ́ pé àbọ̀ rẹ̀ ló ń pẹ́ bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ sáfà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ń sọ fún wa ni pé a kò tíì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àṣẹ kan tó wọ́pọ̀, tí `cron` máa ń gbé dìde ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀:

```
curl -m 10 --retry 3 --retry-delay 5 \
  -H "Authorization: Bearer $TOKEN" \
  -F "status=$ORO" https://SAFA/api/v1/statuses
```

`-m 10` ní kí ó má dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. `--retry 3` ní kí ó tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta bí ìdíwọ́ fún ìgbà díẹ̀ bá wà, `curl` sì ka kí àkókò ìdúró tán mọ́ irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín ìgbìyànjú kan sí èkejì, yóò sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 5.

Ká sọ pé láàárọ̀ ọjọ́ kan, iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn sáfà. Ìbéèrè wọlé ní 09:00:00. Ní 09:00:03, sáfà ti kọ àtẹ̀jáde náà sínú dátábéèsì rẹ̀, àwọn èèyàn sì ti lè rí i. Ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn, nítorí àwọn iṣẹ́ mìíràn wà tó gbọ́dọ̀ parí kó tó fèsì, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ní jáde títí di 09:00:12. Ní 09:00:10, `curl` ti já ìlà, ó ní àkókò tán. Ó sinmi, ó sì rán ọ̀rọ̀ kan náà ní 09:00:15. Lójú sáfà, ìbéèrè tuntun pátápátá ni èyí. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó sọ pé arákùnrin rẹ̀ ti wá ṣáájú. Nítorí náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 09:00:18, ó fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, àtẹ̀jáde ti di méjì. Bí sáfà bá falẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìgbìyànjú fi tán, mẹ́rin ni yóò jẹ́: ìkíní, àti mẹ́ta tí a fi kún un.

Ẹ kíyè sí àlàfo àárín àtẹ̀jáde méjèèjì: ìṣẹ́jú àáyá 15, ìyẹn 10 tí ó fi dúró àti 5 tí ó fi sinmi. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò tí ẹnikẹ́ni bá mú ẹjọ́ irú èyí wá. Bí àlàfo náà bá bá àkókò ìdúró àti ìsinmi mu, àtúnrán ló fà á. Bí kò bá tó ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣẹ́ méjì ló jí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ wákàtí kan gééré, ẹ lọ wo agogo: ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan lọ́dọọdún, aago 1:30 òru lè dé lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ kan. Fífi àkókò UTC ṣètò iṣẹ́ ló ń yanjú ìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi kún àkókò ìdúró, kó kúrò ní 10 kó di 60. Ìyẹn ń dín iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà lè já lẹ́yìn tí sáfà ti kọ ọ́ sílẹ̀ tán, bó ti wù kí ìdúró gùn tó.

Àwọn mìíràn ní tiwọn gbà pé kí ètò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àtẹ̀jáde náà ti wà, bí kò bá sí, kí ó gbé e. Ó dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ihò wà láàárín yíyẹ̀wò àti gbígbé. Bí ẹ bá ṣe àdàkọ ẹ̀rọ kan pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú `crontab` rẹ̀, tí ẹ gbàgbé láti pa ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ méjèèjì á jí ní aago mẹ́sàn-án. Èyí béèrè, kò rí nǹkan. Èkejì béèrè, òun náà kò rí nǹkan, nítorí ìkíní kò tíì kọ. Àwọn méjèèjì á wá gbé e. Ẹ má sì rò pé ètò tó ń pín iṣẹ́ máa dáàbò bo yín: ìwé àlàyé Kubernetes fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kedere nípa `CronJob` pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ méjì dìde fún àkókò kan ṣoṣo, kódà ó lè má sí ọ̀kankan. Ìlòkulò `flock` náà wọ́pọ̀ níbí. Ó dára fún dídènà kí iṣẹ́ méjì má gun ara wọn lórí ẹ̀rọ kan, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò dé ẹ̀rọ kejì, kò sì mọ nǹkan kan nípa àtúnrán.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí yíyẹ̀wò àti kíkọ jẹ́ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, kí dátábéèsì fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó máa dá ẹnì kejì padà. Ẹ fún àtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ náà ṣe `PRIMARY KEY` nínú tábìlì, kí ó má lè pé méjì. Kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó rán ohunkóhun síta, kí ó kọ́kọ́ gba àyè:

```sql
INSERT INTO atejade (kokoro, ipo)
VALUES ('owuro:2025-03-03T09:00Z', 'n_ran_lo')
ON CONFLICT (kokoro) DO NOTHING;
```

Nínú PostgreSQL, ẹni tó kọ́kọ́ dé yóò rí `INSERT 0 1`. Ẹni tó tẹ̀ lé e yóò rí `INSERT 0 0`, yóò sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ti gba àyè náà. Kódà bí wọ́n bá dé lẹ́ẹ̀kan náà gan-an, dátábéèsì yóò mú kí ọ̀kan dúró de èkejì. Kí iṣẹ́ tó rí `0 0` fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kó má rán nǹkan kan.

Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ń ṣubú jù ni kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀. Bí ètò bá ń ṣẹ̀dá UUID tuntun ní gbogbo ìgbà tó bá gbìyànjú, kọ́kọ́rọ́ kejì kò ní jọ ti àkọ́kọ́, gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe ti já sásán. Bí ó bá fi aago ìsinsìnyí ṣe é, bákan náà ló rí, nítorí aago ti yí kí àtúnrán tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jáde ṣe kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn náà léwu: ìkéde tó yẹ kó jáde ní gbogbo ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà kò ní jáde mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ohun tó yẹ kó wà nínú kọ́kọ́rọ́ ni orúkọ ètò náà àti àkókò tí a *yàn* fún un. Iṣẹ́ aago mẹ́sàn-án tó falẹ̀ títí di 9:07 ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ aago mẹ́sàn-án.

Síbẹ̀, gbogbo èyí wà lọ́dọ̀ wa nìkan. Dátábéèsì wa lè dènà kí iṣẹ́ méjì rán àtẹ̀jáde, kò lè sọ fún wa bóyá sáfà òde gba èyí tí ìkan nínú wọn rán. Bí sáfà náà bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ti yín ránṣẹ́ sí i. Mastodon, ìkànnì tí àṣẹ òkè yẹn ń fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ sí, gbà á. Ẹ fi ìlà yìí kún àṣẹ náà, ṣáájú ìlà tó ní `-F`:

```
-H "Idempotency-Key: owuro:2025-03-03T09:00Z" \
```

Bí ìbéèrè bá tún padà wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan náà, sáfà kò ní kọ àtẹ̀jáde tuntun, èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni yóò dá padà fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ààlà rẹ̀ pẹ̀lú: ìwé àlàyé wọn sọ pé títí di wákàtí kan ni wọ́n ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ náà. Bí ètò yín bá ń tún iṣẹ́ tó kùnà rán lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, kò sí ààbò mọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìgbìyànjú parí láàárín àsìkò tí sáfà fi ń rántí.

Bí sáfà òde kò bá mọ kọ́kọ́rọ́ rárá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ètò tún un rán lójú ẹsẹ̀. Kí ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ lè ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó ka àwọn àtẹ̀jáde tó jáde gbẹ̀yìn lábẹ́ orúkọ yín, kí ó wo bóyá tiwa wà nínú wọn. Bí ó bá rí i, kí ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú tábìlì, kí ó yí `ipo` padà sí `o_ti_lo`. Bí kò bá rí i lẹ́yìn ìdúró náà, ewu díẹ̀ ṣì wà nínú àtúnrán, kò sì sí kóòdù tó lè mú un kúrò pátápátá láti ìhà tiwa nìkan.

Ní ibẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni iṣẹ́ lẹ máa yàn. Ìkéde pàjáwìrì, mo gbà pé kí ó jáde lẹ́ẹ̀mejì sàn ju kí ó má jáde lọ, kí ètò tún un rán. Ìkéde ojoojúmọ́, kí ètò kọ `a_ko_mo` sí `ipo`, kí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí ó sì fi tó èèyàn létí. Èèyàn náà á ṣí àkáǹtì, á fi ojú ara rẹ̀ wò ó, yóò sì pinnu láàárín ìṣẹ́jú kan. Bákan náà, ó yẹ kí ètò mìíràn máa wo tábìlì náà lóòrèkóòrè, kó máa wá ìlà tí `ipo` rẹ̀ ṣì jẹ́ `n_ran_lo` lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tó gba àyè, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì kú kó tó jábọ̀, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tó máa fọwọ́ kàn án fúnra rẹ̀.