Òfin Jíì-Áì: ìtìjú ọdún 1932 ló bí i

Bí ẹ bá béèrè ta ló ni Òfin Jíì-Áì, òfin tó rán ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ sí yunifásítì lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Ààrẹ Roosevelt ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dárúkọ, torí òun ló buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 22 oṣù Okúdu 1944. Èmi ò gbà. Roosevelt yìí kan náà ló kọ̀ láti san owó àwọn ológun ogun àkọ́kọ́ ní 1936, títí ilé aṣòfin fi borí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Láti 1636 ni àwọn ará Plymouth, ọ̀kan lára àwọn ìletò òyìnbó àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ti pinnu pé ẹni tí ogun bá sọ di aláàbọ̀ ara, ìlú ni yóò máa bọ́ ọ títí ayé. Mo fura pé ọgbọ́n ni: ta ni yóò gbé ìbọn lọ́la bí ó bá rí jagunjagun àná tó ń ṣagbe?

Ẹni tí ara rẹ̀ pé ni kò sẹ́ni tó rántí. Ní 1924, ilé aṣòfin ṣèlérí fún àwọn ológun ogun àkọ́kọ́ ní dọ́là kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi sìn nílé, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì márùn-dín-lọ́gbọ̀n fún ti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ìwé lásán ni ọ̀pọ̀ gbà, kò ní dowó títí 1945, àfi bí ẹni tó ni ín bá kú. Àwọn ológun sọ ọ́ ní ẹ̀bùn òkúta ibojì. Nígbà tí ebi 1932 dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn pàgọ́ sí Wáṣíńtìnì láti gba owó wọn. Ọ̀gágun MacArthur kó sójà lé wọn lórí, iná jó àgọ́ wọn.

Ìyẹn ni Harry Colmery, lọ́yà tó ti sìn nínú ogun àkọ́kọ́, ní lọ́kàn nígbà tó jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì Mayflower tó kọ òfin náà. (Irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni “Jíì-Áì” tí wọ́n tẹ̀ sára garawa ológun, ó pẹ́ kó tó di orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ ogun Amẹ́ríkà.)

Ẹni tó bá sìn ní 90 ọjọ́ gba ọdún kan nílé ìwé, pẹ̀lú iye àkókò tó fi sìn, kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ. Ẹni tó sìn lọ́dún méjì á ní mẹ́ta. Ìjọba ń san tó 500 dọ́là lọ́dún fún ilé ìwé, wọ́n sì ń fún àpọ́n ní 50 dọ́là lóṣù. Aláìríṣẹ́ ń gba 20 dọ́là lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 52.

Níbi owó tí ológun fẹ́ yá láti fi ra ilé lábẹ́ òfin yìí ni ìjàngbọ̀n wà. Ìjọba kì í yáni lówó, ó kàn ń ṣe onídùúró ni. Báńkì ló ń pinnu ẹni tó yá lówó. Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀yáwó tí ìjọba dúró fún ní ìlú mẹ́tàlá ní ìpínlẹ̀ Mississípì ní 1947, ó lé ní 3,000. Méjì péré ni aláwọ̀ dúdú gbà.