Gbèdéke Sósà Sìkiọ́rítì ti di $184,500: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ lóṣooṣù?

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti fi kún owó Sósà Sìkiọ́rítì tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ wa ní Amẹ́ríkà?

Ìdá tí wọ́n ń yọ kò yí padà: òṣìṣẹ́ san 6.2%, iléeṣẹ́ náà san 6.2%. Gbèdéke owó-ọdún tí wọ́n ń yọ ọ́ lórí rẹ̀ ló sún sókè. Ní 2025, $176,100 ló mọ. Ní 2026, ó di $184,500. Ẹni tí owó-ọdún rẹ̀ kò kọjá ti tẹ́lẹ̀ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Ṣé wọ́n á wá pín gbèdéke náà sí oṣù méjìlá ni?

Rárá o, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Akọ̀wé owó-oṣù kàn ń ro owó yín pọ̀ láti oṣù kìíní ni, á sì máa yọ 6.2% lórí gbogbo rẹ̀ títí àròpọ̀ á fi kan gbèdéke.

Ká ní ẹnì kan ń gba $18,000 lóṣù. Láti oṣù kìíní dé ìkẹwàá, $1,116 ni wọ́n ń yọ lóṣooṣù. Lópin oṣù kẹwàá, ó ti gba $180,000, ó wá ku $4,500 kó dé gbèdéke. Nítorí náà, lóṣù kọkànlá, orí $4,500 yẹn nìkan ni wọ́n á ti yọ ọ́: $279. Lóṣù kejìlá, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀. Gbogbo rẹ̀ lọ́dún jẹ́ $11,439, iye yẹn náà ni iléeṣẹ́ máa san. Bí àjẹmọ́nú ńlá bá wọlé lóṣù kẹta, gbèdéke á kàn tètè dé ni, àpapọ̀ kò ní yàtọ̀.

Kí ló dé tí owó mi já wálẹ̀ lóṣù kìíní?

Ọdún tuntun dé, ìṣirò padà sí òdo, $1,116 sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi owó oṣù kejìlá dá èésú.

Mẹ́díkéà ńkọ́?

Kò ní gbèdéke ní tiẹ̀.

Mo pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín ọdún. Ṣé wọ́n á ka owó tí mo gbà níbi àkọ́kọ́?

Wọn ò ní kà á. Iléeṣẹ́ tuntun á bẹ̀rẹ̀ láti òdo, bí òfin ṣe wí nìyẹn. Bí ẹni wa yìí bá gba $18,000 fóṣù mẹ́fà níbì kan, tó tún gba iye kan náà fóṣù mẹ́fà níbòmíràn, kò sí iléeṣẹ́ tó máa kan gbèdéke nínú méjèèjì. Wọ́n á ti yọ $13,392 lọ́wọ́ rẹ̀, $1,953 ló sì lé. Ó máa gba owó tó lé náà padà nígbà tó bá ń ṣe ìwé owó-orí, lórí Schedule 3 tó ń bá Form 1040 rìn. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ síbẹ̀ ti fi í tọrẹ fún ìjọba. Iléeṣẹ́ méjèèjì kò ní gba nǹkan kan padà nínú tiwọn.

Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló yọ ọ́ kọjá ńkọ́?

Ẹ wo àpótí 4 lórí W-2 yín ti ọdún 2026. Bí W-2 kan ṣoṣo bá kọjá $11,439, àṣìṣe iléeṣẹ́ nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ dé orí Schedule 3. Ẹ ní kí wọ́n dá owó náà padà, kí wọ́n sì fún yín ní W-2c tó tún un ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi Form 843 béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ IRS, kí ẹ so ẹ̀dà W-2 yín mọ́ ọn.