Igun ìbẹ̀rẹ̀ ìgbì: ìdí tí kakulétọ̀ fi ń fún wa ní ìdajì ìdáhùn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì wá kí wa ní Ṣágámù lópin ọ̀sẹ̀, ó gbé iṣẹ́ àmúrelé físíìsì rẹ̀ dání. Ìbéèrè tó ń dà á láàmú kò gùn. Ìgbì kan ń rìn lórí okùn láti òsì sí ọ̀tún. Gíga ìgbì náà láti ibi tí okùn ń sinmi sí dé ṣóńṣó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, okùn náà sì ń mì lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí aago bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ìyẹn nígbà tí t = 0, ojú ibi tí x = 0 wà ní sẹ̀ǹtímítà 3 lókè ibi tó máa ń sinmi sí, ó sì ń gòkè lọ. Wọ́n ní kó wá φ nínú fọ́múlà yìí:

```
y = A sin(kx − ωt + φ)
```

"Àǹtí, 30 dìgírì ni mo rí. Wọ́n fa igi lé e lórí. Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í."

y ni bí okùn ṣe jìnnà sí ibi ìsinmi rẹ̀ tó, A ni gíga ìgbì, k jẹ́ 2π tí a pín sí gígùn ìgbì ní mítà, ìyẹn 7.85, ω sì jẹ́ 2π lọ́nà 5, ìyẹn 31.4. Lẹ́tà φ ni àwọn olùkọ́ ń pè ní féèsì kọ́ńsítáǹtì. Èmi máa ń pè é ní igun ìbẹ̀rẹ̀. Okùn kì í dúró de aago wa. Nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò, ó ti lè wà lágbedeméjì ìrìn rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn dé òde ijó tí ìlù ti ń lọ. φ ló ń sọ ibi tí ìlù dé nígbà tí a wọlé.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà gbé dára. Ó fi òdo sípò x, ó fi òdo sípò t, ó wá ku 3 = 6 sin φ. Ìyẹn ni pé sin φ = 0.5. Ó tẹ kakulétọ̀, kakulétọ̀ ní 30 dìgírì. Ibẹ̀ ló dúró sí, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà wà, nítorí sáìnì 150 dìgírì náà jẹ́ 0.5. Kakulétọ̀ kò lè mú 150 wá láéláé, torí àárín −90 sí 90 dìgírì nìkan ló máa ń wá ìdáhùn irú ìbéèrè yẹn sí.

Mo mú okùn tí ìyá mi fi ń di àpò obì, mo so orí rẹ̀ kan mọ́ òpó ẹ̀yìnkùlé, mo so àkísà pupa kan mọ́ àárín rẹ̀ kó dúró fún ibi tí x = 0. Mo ní kó di orí kejì mú kó máa jù ú sókè sódò, kó má sì wo ohun mìíràn àfi àkísà náà. Ìgbì ń sáré lọ bá òpó, àmọ́ àkísà kò kúrò lójú kan. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi í pé, "Nínú ìmì kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀melòó ni àkísà yìí ń kọjá níbi sẹ̀ǹtímítà 3?" Ó wò ó díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó kọjá nígbà tó ń gòkè, ó tún kọjá nígbà tó ń bọ̀." Igun méjèèjì nìyẹn. Gbólóhùn "ó sì ń gòkè lọ" tó wà nínú ìbéèrè ni yóò yan ọ̀kan fún wa.

Láti lò ó, eré tí àkísà fi ń lọ sókè sódò la nílò. Kì í ṣe eré ìgbì fúnra rẹ̀, tó jẹ́ mítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan níbí yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé eré ìgbì síbẹ̀, tí iṣẹ́ wọn sì ń dàrú. Tí a bá wo bí y ṣe ń yí padà bí àkókò ṣe ń lọ, ohun tí a ó rí ni:

```
v = −ωA cos(kx − ωt + φ)
```

Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú yẹn wá láti inú −ωt. Nígbà tí x àti t jẹ́ òdo, ó ku v = −ωA cos φ. Àkísà ń gòkè, torí náà v gbọ́dọ̀ ju òdo lọ. ω àti A náà ju òdo lọ. Ohun tó lè mú kó rí bẹ́ẹ̀ kò ju pé kí cos φ kéré sí òdo. Kósáìnì 30 jẹ́ 0.866, èyí tó túmọ̀ sí pé àkísà ń sọ̀ kalẹ̀. Kósáìnì 150 jẹ́ −0.866. 150 dìgírì ni ìdáhùn, ìyẹn 5π/6, tàbí rédíánì 2.62.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń retí: "Kí ló wá dé tí ọ̀rẹ́ mi kan fi kọ 30, tí olùkọ́ tirẹ̀ sì gbà á?" Mo ní kó fi fọ́múlà ọ̀rẹ́ rẹ̀ hàn mí. Bí mo ṣe rò ó náà ló rí: y = A sin(ωt − kx + φ). Àwọn ìwé sẹ́kọ́ńdìrì wa sábà máa ń fi àkókò ṣáájú báyìí. Níbẹ̀, v ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ωA cos φ, kò sí àmì ìyọkúrò níwájú rẹ̀, torí náà 30 dìgírì ló bá ìgòkè mu. Okùn kan náà ni, ìgbì kan náà ni. Bí wọ́n bá fi kósáìnì kọ ti kx − ωt, igun náà yóò di 60. Nítorí náà, èèyàn kò gbọ́dọ̀ mú igun láti inú fọ́múlà kan lọ sínú òmíràn, kódà bí ìbéèrè méjèèjì bá jọra dé orí àmì ìdánudúró.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì nílò eré rárá. Ìgbì ń bọ̀ láti òsì, torí náà ohun tó wà lápá òsì x = 0 báyìí ló fẹ́ dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo sẹ̀ǹtímítà 5 sí òsì. Sẹ̀ǹtímítà 80 jẹ́ 360 dìgírì, torí náà 5 jẹ́ 22.5 dìgírì. Tí φ bá jẹ́ 150, igun ibẹ̀ jẹ́ 127.5, okùn sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 4.8 níbẹ̀. Ó ga ju 3 lọ, ó ń bọ̀, àkísà yóò gòkè. Tí φ bá jẹ́ 30, igun ibẹ̀ jẹ́ 7.5, okùn kò ju sẹ̀ǹtímítà 0.8 lọ níbẹ̀, àkísà yóò sọ̀ kalẹ̀. Ìbéèrè kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí kò sí yíyàn kankan. Bí àkísà bá wà ní ṣóńṣó orí ìgbì nígbà tí t = 0, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 gan-an, 90 dìgírì nìkan ni, torí níbẹ̀ kò gòkè, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ bí ìbéèrè bá sọ sẹ̀ǹtímítà 3, tí kò sọ ibi tí àkísà dorí kọ, igun méjì ló tọ̀nà, kí èèyàn kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ó jókòó sórí àpótí, ó tún un kọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi 150 sípò φ, mo rán an létí pé rédíánì ni 7.85 àti 31.4, kò lè da dìgírì pọ̀ mọ́ wọn. Ó pa á rẹ́, ó kọ:

```
y = 0.06 sin(7.85x − 31.4t + 2.62)
```

Ó yí kakulétọ̀ rẹ̀ sí rédíánì, ó fi òdo sípò x àti t, ó tẹ̀ ẹ́. 0.03 ló jáde, sẹ̀ǹtímítà 3. Ó wá fi −0.05 sípò x láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó sì rí 0.048.