Àká gbólóhùn ni, kì í ṣe ìrántí ìtumọ̀

"Ìrántí ìtumọ̀" ni àwọn kan ń pe ètò kọ̀ǹpútà tí àwa atúmọ̀ èdè fi ń tọ́jú gbólóhùn tí a ti túmọ̀ rí. Etí mi kò gbà á. Ẹni tó lọ́kàn ló ń rántí. Ohun tí ẹ bá kó sínú ètò yìí ló máa kó jáde fún yín, tòun ti àṣìṣe inú rẹ̀. Àwọn tó ń pè é ní "mẹ́mọ́rì" kò tilẹ̀ gbìyànjú. Àká gbólóhùn ni mo ń pè é.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òmù-Àrán ta kò mí. Ó ní àgbàdo tí a bá bù nínú àká ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí a mú lò kì í kúrò. Òótọ́ ló sọ. Mo ní kó wo àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Òkèlele, ní Ìlọrin níbí. Wọ́n á da ojú ìkòkò àtijọ́ dé, wọ́n á na amọ̀ lé ìdí rẹ̀, ìdí ìkòkò tuntun ti délẹ̀ nìyẹn. Ó ku ọrùn àti ẹnu tí wọ́n á fọwọ́ mọ. Ìkòkò àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kí n kúkú máa pè é ní ìkòkò. Mo ní ìkòkò pọ̀ níbẹ̀, ibi tí wọ́n kó wọn sí ni mò ń dárúkọ.

Mo gba iṣẹ́ ìwé pélébé ìlera 40 kan, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Gbólóhùn mẹ́fà kan náà ló wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. 240 nìyẹn, ṣùgbọ́n 6 ni mo túmọ̀. OmegaT, ètò tí mo fi ń ṣiṣẹ́, fi wọ́n kún ojú 234 tó kù. Èyí tó kàn jọra, á gbé ti àtijọ́ síwájú mi, á sì sọ bí ìjọra náà ṣe tó nínú 100. Ọ̀kan fẹ́ẹ̀ bà mí lórúkọ jẹ́: ti àtijọ́ ní kí aláìsàn lo hóró oògùn méjì láràárọ̀, tuntun ní ẹyọ kan. Ìjọra ga, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo ń ka iṣẹ́ náà lákàtúnkà ni mo tó rí i.

Èyí tó bára mu pátápátá tún le jù bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í ya àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọdé. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé ni mo kọ́kọ́ túmọ̀, mo kọ "Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jẹun." Nígbà tí mo dé ìwé àwọn arúgbó, bẹ́ẹ̀ náà ni àká ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló máa sọ ìyẹn fún bàbá àgbà ní Ìlọrin? Mo sọ ọ́ di "Ẹ fọ ọwọ́ yín", ni ti àwọn ọmọ náà bá yí padà sí "Ẹ", nítorí ọ̀kan náà ni OmegaT kà wọ́n sí. Ẹ dúró sórí gbólóhùn tó yàtọ̀, ẹ yan `Create Alternative Translation` nínú mẹ́nù, kí ẹ wá kọ ọ́. Ojú ibẹ̀ nìkan ni yóò dúró sí. Ìwé ọmọdé kò ju mẹ́ta lọ nínú 40 náà, nítorí náà mo fi "Ẹ" sílẹ̀ fún gbogbo ìyókù, mo sì ya ti ọmọdé sọ́tọ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.